Máníjà Lórúkọ, Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́: Bí Òfin Amẹ́ríkà Ṣe Yọ Ọ̀gá Kékeré Kúrò Nínú Owó Ófátáìmù

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn olùgbọ́ wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Houston. Ó ní wọ́n ti fi òun ṣe alábòójútó níbi iṣẹ́, wọ́n bu owó díẹ̀ lé owó òun, wọ́n sì sọ fún òun pé láti ìsinsìnyí lọ, sálárì ni òun ń gbà, wọn ò ní máa ka wákàtí fún òun mọ́. Inú òun dùn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni ò bá wá síṣẹ́ alẹ́, òun ni wọ́n máa ní kó dúró. Nígbà tó ṣírò owó tó wọlé fún un pẹ̀lú iye wákàtí tó ń lò, ó rí i pé ọmọ abẹ́ òun tó ń gba ófátáìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbowó ju òun lọ. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe irú òfin yìí?"

Ìbéèrè yẹn dára, torí pé òfin náà ní ọjọ́ orí, ó ní àwọn tó kọ ọ́, ó sì ní bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tó yàtọ̀ pátápátá sí bó ṣe rí lónìí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1938.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún yẹn, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin tó gbé owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ kalẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà: sẹ́ǹtì 25 fún wákàtí kan. Òfin kan náà ló gbé òdiwọ̀n wákàtí kalẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, wákàtí 44 lọ́sẹ̀. Ní ọdún kejì, 42. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1940, ó di 40, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kọjá iye yẹn, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé gbọ́dọ̀ di ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí: òfin náà kò ka ènìyàn léèwọ̀ láti ṣiṣẹ́ wákàtí 80 lọ́sẹ̀. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ sùn síbi iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ò dí i lọ́wọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ wákàtí tó bá kọjá 40 di ohun tó wọ́n. Ẹ rántí pé ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún 1929, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ló wà láìníṣẹ́. Èrò àwọn tó kọ òfin ni pé bí ọ̀gá iléeṣẹ́ bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì, kí ó san owó ìtanràn fún un. Bí ìtanràn náà bá wọ̀ ọ́ lára, yóò gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Nítorí náà, ìdajì tó lé lórí owó ófátáìmù yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́. Ìdènà ni fún ọ̀gá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìdènà náà bá yọ kúrò lọ́rùn ẹnìkan.

Inú òfin kan náà ni ilé aṣòfin ti kọ gbólóhùn kékeré kan tó yọ àwọn kan sílẹ̀: àwọn ọ̀gá, àwọn alákòóso, àti àwọn tó ní ìmọ̀ iṣẹ́ pàtàkì bí agbẹjọ́rò àti dókítà. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ "ọ̀gá" lásán. Ohun tí wọ́n kọ túmọ̀ sí "ọ̀gá tòótọ́", ọ̀gá tí kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Wọn ò sọ bí a ṣe máa dá ọ̀gá tòótọ́ mọ̀. Wọ́n fi èyí sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Gbogbo ìjà ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tó tẹ̀lé e, inú ọ̀rọ̀ "tòótọ́" yẹn ló wà.

Ní ọdún 1940, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Harold Stein gbọ́ ẹnu àwọn iléeṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì kọ ìròyìn tí wọ́n fi tún ìlànà náà ṣe. Ìdí tó fi yẹ kí ọ̀gá wà lóde òfin náà yé e, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ọ̀gá gidi máa ń gbowó tó pọ̀ ju ti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ débi tí èèyàn lè fi aago wọ̀n ọ́n, ipò rẹ̀ kò rọrùn láti yọ kúrò, àsìkò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní ohun mìíràn tó rọ́pò ófátáìmù. Ṣùgbọ́n Stein mọ̀ pé orúkọ oyè kò gba owó. Ẹnikẹ́ni lè pe agbálẹ̀ ní ọ̀gá ìmọ́tótó. Owó ló ní kò ṣeé fi purọ́: bí iléeṣẹ́ bá gbà lóòótọ́ pé ọ̀gá ni ẹnìkan, kí ó san owó ọ̀gá fún un. Dọ́là 30 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ààlà nígbà náà fún ọ̀gá.

Bó ṣe rí nìyẹn tí ìbéèrè fi di méjì, tí kò sì tíì yí padà. Èkíní, èló ni wọ́n ń san fún ọ, ṣé iye kan náà sì ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Èkejì, kí ni o ń fọwọ́ rẹ ṣe gan-an? Ẹni tó bá kùnà nínú ọ̀kan, ófátáìmù rẹ̀ wà fún un, bí wọ́n tilẹ̀ kọ "máníjà" sí i láyà.

Fún ìbéèrè kejì, ìlànà náà ní ìṣirò tó ṣe kedere láyé àtijọ́. Máníjà kò gbọdọ̀ lo ju ìdá 20 nínú 100 àsìkò rẹ̀ lọ lórí iṣẹ́ tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí òfin wọ àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní ọdún 1961, wọ́n sọ ti àwọn yẹn di 40, torí pé kò sí bí máníjà ṣọ́ọ̀bù ò ṣe ní gbá nǹkan kan tàbí gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1949 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà àbùjá kan: ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ gan-an, wọn ò ní ka ìdá kankan fún un mọ́. Wọ́n kàn máa béèrè bóyá àbójútó ni olórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà àbùjá náà kò burú nígbà tí wọ́n là á, torí pé àwọn olówó gidi nìkan ló lè gbà á kọjá. Ní ọdún 1975, wọ́n gbé ààlà méjèèjì sókè: dọ́là 155 lọ́sẹ̀ fún ọ̀nà gígùn tí wọ́n ti ń ka ìdá, dọ́là 250 fún ọ̀nà àbùjá. Owó tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 10 ní wákàtí kan, ìyẹn dọ́là 84 fún wákàtí 40. Ẹ wò ó, ẹni tó ń gba 250 ń gba ìlọ́po mẹ́ta owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ni ààlà yẹn fi dúró sójú kan nígbà tí ọ̀wọ́ngógó ń jẹ owó lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1997, owó tó kéré jù lọ ti di dọ́là 5 àti sẹ́ǹtì 15, ìyẹn dọ́là 206 fún wákàtí 40. Ìyẹn ni pé agbálẹ̀ tó ń gba owó tó kéré jù lọ ní Amẹ́ríkà ti ń gbowó ju "ọ̀gá" ti ọ̀nà gígùn lọ, kò sì ku dọ́là 50 tí yóò fi bá ti ọ̀nà àbùjá. Odi tí Stein mọ ti wó, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìtàn náà ti yí, kì í ṣe nínú kóòtù kankan. Kò sí aṣòfin tó dìde láti sọ pé kí wọ́n má san ófátáìmù fún alábòójútó. Wọ́n kàn jẹ́ kí nọ́ńbà kan gbó ni.

Àwọn ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tètè rí i. Ní ọdún 1982, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn méjì dá ẹjọ́ lórí àwọn igbákejì máníjà Burger King. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló pe ẹjọ́ náà. Àwọn igbákejì máníjà yìí ń din ẹran, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò wọn. Àwọn adájọ́ ní ìyẹn ò ní kí wọ́n má jẹ́ ọ̀gá, níwọ̀n ìgbà tí owó wọn bá ti tó dọ́là 250. Àlàyé wọn ni pé ènìyàn lè máa din ẹran kí ó sì máa ṣọ́ ilé oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni wọ́n máa bi. Èrò yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ìyá tó ń ro ọkà tó sì ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ nílé, olórí ilé náà ni. Àmọ́ bí ẹ bá fi èrò yẹn sọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka, ẹ mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ohun tó fi ṣe náà la rí nínú ẹjọ́ Family Dollar, òun ni mo sì fẹ́ dúró tì pẹ́ díẹ̀.

Family Dollar jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ta ọjà pọ́ọ́kú, tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2001, àwọn máníjà ṣọ́ọ̀bù pè é lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Alabama. Nígbà tí ẹjọ́ fi dé iwájú júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti di 1,424. Gbogbo wọn ló ń gba sálárì, gbogbo wọn ló ń jẹ́ máníjà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 60 sí 70 lọ́sẹ̀ láìgba ófátáìmù kọ́bọ̀.

Kí ni wọ́n ń fi wákàtí yẹn ṣe? Ẹ̀rí tó wà níwájú júrì ni pé ìdá 80 sí 90 nínú 100 àsìkò wọn ló ń lọ sórí iṣẹ́ ọwọ́: wọ́n ń já ẹrù láti inú tírélà, wọ́n ń to ọjà sórí pẹpẹ, wọ́n ń gbowó ní káúńtà, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Orílé-iṣẹ́ ló máa ń pín iye owó òṣìṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lè ná. Bí owó náà ò bá tó láti gba ẹni tí yóò já ẹrù, ẹrù náà ò ní torí ìyẹn já ara rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wákàtí rẹ̀ ò ná iléeṣẹ́ ní nǹkan kan: máníjà. Ẹ wá padà sí ohun tí mo sọ níṣàájú nípa ìtanràn ọdún 1938. Ibi tí ìtanràn ò bá sí, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ máa ṣàn lọ bí omi òjò.

Ohun tí kóòtù yẹ̀ wò pín sí mẹ́rin, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn fetí sí i, torí pé àwọn ìbéèrè kan náà ni wọ́n ṣì ń béèrè. Wọ́n wo èyí tó ṣe pàtàkì jù fún iléeṣẹ́ nínú iṣẹ́ ẹni náà, ṣé àbójútó ni àbí iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n wo iye àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Wọ́n wo bóyá ẹni náà lè dá ìpinnu ṣe, àbí ẹlòmíràn ló ń darí rẹ̀. Wọ́n sì fi owó rẹ̀ wé ti àwọn tó ń gba owó wákàtí tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ìkẹta ló dà mí láàmú jù nígbà tí mo ka ìdájọ́ náà. Orílé-iṣẹ́ ti kọ ìwé ìlànà tó sọ ohun gbogbo tí máníjà gbọ́dọ̀ ṣe, títí dé bí wọ́n ṣe ń to ọjà sórí pẹpẹ. Máníjà àgbègbè ló ń pàṣẹ lórí owó oṣù, lórí ìgbanisíṣẹ́, lórí àwọn ìpinnu tó bá ní láárí. Ẹni tí wọ́n ní ọ̀gá ni, kò lè fi owó kún owó ọmọ abẹ́ rẹ̀ láìtọrọ àyè. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ilé kọ́ ló ni ilé. Ohun mìíràn tún wà: iléeṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àwọn ò yẹ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni wò kí àwọn tó yọ wọ́n kúrò nínú ófátáìmù. Wọ́n kàn pinnu lẹ́ẹ̀kan pé gbogbo máníjà ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Amẹ́ríkà ni kò ní gbà á.

Júrì dá àwọn máníjà láre ní ọdún 2006, wọ́n sì ní iléeṣẹ́ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, tí òfin sì sọ owó náà di ìlọ́po méjì, ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 35. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2008.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní ọdún 2011, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn mìíràn tó wà ní Virginia dá ẹjọ́ máníjà kan láti North Carolina. Iléeṣẹ́ kan náà, ipò kan náà, sálárì, pẹpẹ, tírélà, káúńtà. Obìnrin náà ní iṣẹ́ ọwọ́ ló ń gba gbogbo àsìkò òun, àbójútó ò ju bíńtín lọ. Àwọn adájọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tó ń to ọjà, òun náà ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń wo àwọn òṣìṣẹ́, kò sì sí ọ̀gá mìíràn nínú ilé. Wọ́n dá iléeṣẹ́ láre. Máníjà Alabama ló gbowó, ti North Carolina lọ ní ọwọ́ òfo. Èrò tí wọ́n fi dá ẹjọ́ Burger King ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìjọba sì ti kọ ọ́ sínú ìlànà gan-an ní ọdún 2004, nígbà tí wọ́n pa ọ̀nà gígùn rẹ́ tí ìdá 20 àti 40 sì bá a lọ. Ohun tó kù ni ọ̀nà àbùjá nìkan, ẹni tó bá sì ti ń gba dọ́là 455 lọ́sẹ̀ lè gbà á kọjá. Ọ̀nà tí wọ́n là fún olówó ti di ti gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó kan pọ̀, kí ẹ lè rí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ jẹ́ ká ní alábòójútó kan ń gba dọ́là 600 lọ́sẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 65. Bí ẹ bá pín in, dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 23 ni wákàtí rẹ̀ já sí. Nísinsìnyí, ká ní kóòtù gbà pé kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Èló ni wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ kan? Ọ̀nà méjì ló wà, àárín wọn sì jìn. Bí wọ́n bá gbà pé wákàtí 40 ni 600 náà wà fún, wákàtí rẹ̀ di dọ́là 15, ófátáìmù rẹ̀ di 22 àti ààbọ̀, wákàtí 25 tó lé sì di dọ́là 562 àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ bá fi hàn pé gbogbo wákàtí tó bá ṣe ni wọ́n jọ ṣàdéhùn pé 600 náà máa bò, wọ́n á ní owó wákàtí 25 yẹn ti wọlé tẹ́lẹ̀, pé ìdajì tó lé nìkan ló kù. Ìdajì 9 àti sẹ́ǹtì 23 ní ọ̀nà 25 kò ju bíi dọ́là 115 lọ. Iṣẹ́ kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ nípa wákàtí fi ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí 40 ni sálárì náà wà fún, má sọ ìwé yẹn nù.

Àwọn kan á ní, "Kò sí ìwé wákàtí lọ́wọ́ mi, torí pé ẹni tó ń gba sálárì kì í tẹ káàdì." Ìyẹn náà ti ní ìdáhùn láti ọdún 1946. Kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìkòkò kan ní Mount Clemens, ní Michigan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni láti kọ wákàtí sílẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, òṣìṣẹ́ lè mú ẹ̀rí tó bọ́gbọ́n mu wá nípa iye wákàtí tó ṣe, ó di ọwọ́ agbanisíṣẹ́ láti já a. Ìwé kékeré tí o ń kọ aago ìwọlé àti ìjáde sí lálaalẹ́ jẹ́ ẹ̀rí. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá fi ní kí o dúró di aago mẹ́wàá náà jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n má jókòó tì í: ọdún méjì sẹ́yìn nìkan ni òfin máa jẹ́ kí o gba owó rẹ̀, tàbí mẹ́ta bó bá hàn pé wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é.

Àmì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Sálárì túmọ̀ sí pé owó náà kì í dín. Bí alábòójútó bá kúrò níbi iṣẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú àkókò láti lọ gbé ọmọ nílé ìwé, tí wọ́n sì yọ wákàtí mẹ́ta kúrò nínú owó rẹ̀, wọ́n ti ń ka wákàtí fún un nìyẹn. Bí ó bá sì ti mọ́ wọn lára láti máa ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò lè máa pè é ní ẹni tó ń gba sálárì nígbà tó bá di ti ófátáìmù.

Àwọn tó ń gbọ́ wa láti ilé á fẹ́ mọ bí tiwa ṣe rí ní Nàìjíríà, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1974 la ṣì ń lò. Abala 13 rẹ̀ sọ pé wákàtí tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá fẹnu kò lé lórí ni wákàtí iṣẹ́, èyí tó bá lé di ófátáìmù. Kò dárúkọ iye wákàtí kankan. Abala 91 ló wá sọ ẹni tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́, ó sì yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso, iṣẹ́ ọ̀gá, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú kúrò pátápátá. Kò sí ààlà owó níbẹ̀, irú èyí tí Stein fi dí ojú ihò. Nítorí náà, sùpáfáísọ̀ tí wọ́n ní kó dúró di alẹ́ ní Ìkẹjà, inú ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí ló ti máa kọ́kọ́ wo ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà, torí pé ìtàn ààlà owó náà ò parí sí ọdún 2004. Ìjọba Barack Obama fẹ́ gbé e láti 455 dé dọ́là 913 lọ́sẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2016. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìlà oòrùn Texas, Amos Mazzant, dá a dúró. Àwọn iléeṣẹ́ kan ti sọ fún òṣìṣẹ́ wọn pé owó wọn máa lọ sókè. Ìjọba Donald Trump wá gbé e dé 684 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Ti Joe Biden gbé e dé 844 ní oṣù keje ọdún 2024, ó sì fẹ́ kó di 1,128 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2024, adájọ́ mìíràn ní ìlà oòrùn Texas kan náà, Sean Jordan, fagi lé gbogbo rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àní títí kan 844 tó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn adájọ́ méjèèjì sọ jọra: pé iṣẹ́ tí ẹnìkan ń ṣe ni òfin ọdún 1938 béèrè, pé nígbà tí ààlà owó bá ga jù, owó nìkan ló ń dájọ́. Àríyànjiyàn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí mo kàn rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó pa ìṣirò ìdá 40 rẹ́ ní ọdún 2004 ló sọ ìbéèrè nípa iṣẹ́ di aláìlágbára, nígbà tí owó sì fẹ́ di odi padà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ga.

Nítorí náà, 684 lọ́sẹ̀ ni ààlà ti ìjọba àpapọ̀ padà sí. Ẹni tó bá fi wákàtí 60 gba iye yẹn, dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 40 ni wákàtí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe tirẹ̀ kó le ju ti àpapọ̀ lọ, California sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Níbẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìlọ́po méjì owó tó kéré jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, èyí tó jẹ́ dọ́là 68,640 lọ́dún ní ọdún 2025. Wọ́n sì ṣì ń ka àsìkò: ẹni tí kò bá lo ju ìdajì àsìkò rẹ̀ lọ lórí iṣẹ́ àbójútó, kì í ṣe ọ̀gá lójú òfin wọn, ófátáìmù rẹ̀ wà fún un. Àlàyé pé èèyàn ń to ọjà kó sì tún máa ṣàbójútó lẹ́ẹ̀kan náà kò ta níbẹ̀. Máníjà North Carolina tí ẹjọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ní ọdún 2011, ká ní Los Angeles ló ti ń já tírélà, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé wákàtí mélòó ló fi já a.